Ìdí Òwe Là Ń Yí, A Kì Í Fọwọ́ Kan Orí Rẹ̀

Ọjọ́ Ẹtì ni, ìgbéyàwó ku ọ̀la. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bàbá télọ̀ kan ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, mò ń dúró de bùbá mi tí wọ́n ń ṣẹ́ létí lọ́wọ́. Obìnrin kan wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Aṣọ ẹbí kan náà ni ìyá àti ọmọ dá. Wọ́n wọ aṣọ ọmọ náà fún un wò, ló bá ń yí bírí níwájú dígí. Bàbá télọ̀ gbójú sókè lẹ́nu iṣẹ́, inú wọn dùn sí ohun tí wọ́n rí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ òwe: "Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà…"

Wọn ò tíì mí tán tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó ń lọ aṣọ ní igun fi já a gbà lẹ́nu wọn: "…kò lè ní gbèsè bí àgbà!"

Ìyá ọmọ náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, nítorí kò tíì san ju ìdajì owó ìránṣọ lọ, ìwé gbèsè sì wà lórí tábìlì tó dì mú yẹn gan-an. Bàbá télọ̀ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n nawọ́ sí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà: "Ìwọ ọmọ yìí, o ti ń dáṣà jù. O ti ba òwe mi jẹ́."

Ọ̀rọ̀ bàbá yìí ló mú mi kọ eléyìí, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ náà nìyẹn tí wọ́n bá gbọ́ irú ẹ̀. Ọmọ yẹn ò ba òwe kankan jẹ́. Ohun tó ṣe ní ìlànà, ìlànà náà sì le ju bó ṣe rí lẹ́nu rẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò gbìyànjú tirẹ̀, gbogbo ilé á dákẹ́, kò sì ní mọ ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi rẹ́rìn-ín.

Ká bẹ̀rẹ̀ láti ara òwe fúnra rẹ̀. Púpọ̀ nínú òwe wa ló ní abala méjì. Abala àkọ́kọ́ ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, èkejì ń dì í lókùn. Ẹ jẹ́ kí n máa pe ti àkọ́kọ́ ní orí òwe, kí n sì máa pe èkejì ní ìdí rẹ̀. "Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà" ni orí. "Kò lè ní àkísà bí àgbà" ni ìdí. Láàárín méjèèjì, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ máa ń dúró díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn gbé ẹsẹ̀ kan kọjá ìloro tó fẹ́ gbé èkejì.

Àwọn àgbà kì í sì í sábà parí òwe. Nígbà tí ìyá wa àgbà bá ti ní "Ẹni tó bá da omi síwájú", ọ̀rọ̀ parí nìyẹn, wọ́n ti yíjú síbòmíràn, ìwọ tí wọ́n ń bá wí ni yóò fi "á tẹ ilẹ̀ tútù" kún un nínú ọkàn rẹ. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Iṣẹ́ tí òwe ń ṣe gan-an nìyí: sísọ rẹ̀ wà lẹ́nu ẹnì kan, píparí rẹ̀ wà nínú ẹlòmíràn. Bí etí ṣe ń gbọ́ orí òwe ni ọkàn ti sáré lọ síwájú, tó ti lọ jókòó de ìdí rẹ̀.

Ibi tí ẹni tó ń yí òwe ti ń ríṣẹ́ ṣe nìyẹn. Nígbà tí ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà ń sọ "kò lè ní", àkísà ti wà lọ́kàn gbogbo àwa tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Gbèsè ló wá gba ẹnu wọlé. Ọ̀rọ̀ méjì pàdé lórí àga kan ṣoṣo, ẹ̀rín sì bẹ́. Bí a kò bá ti ní àkísà lọ́kàn tẹ́lẹ̀, gbèsè ì bá kàn jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa gbèsè ni. Ìdí tí mo fi sọ pé a kì í fọwọ́ kan orí òwe nìyí. Orí ló ń sọ fún olùgbọ́ pé òwe báyìí ló ń bọ̀. Ẹni tó bá yí orí ti pa iná kí àlejò tó wọlé. Ká ní ọmọ yẹn sọ pé "Bí ọmọ kékeré bá wọ aṣọ ńlá, kò lè jẹ gbèsè", òótọ́ kan náà ló sọ, ṣùgbọ́n kò ní sí ẹni tí yóò rẹ́rìn-ín, torí kò sí òwe tí ọkàn ẹnikẹ́ni sáré lọ dè.

Ẹ wá jẹ́ ká tú ìdí rẹ̀ palẹ̀. "Kò lè ní àkísà bí àgbà": bí ẹ bá kà á ní sílébù, 9 ni. "Kò lè ní gbèsè bí àgbà" jẹ́ 8. Nínú gbólóhùn méjèèjì, "kò lè ní" wà níbẹ̀, "bí àgbà" wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló jáde, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wọlé. Ohùn náà kò sì jìnnà síra. Àkísà lọ sílẹ̀, ó gòkè, ó tún lọ sílẹ̀: dò, mí, dò. Gbèsè wà nílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: dò, dò. Méjèèjì ló fi ohùn ìsàlẹ̀ parí, nítorí náà "bí àgbà" tó tẹ̀lé wọn gbéra níbi kan náà. Tí onídùndún bá lu ìparí àwọn gbólóhùn méjèèjì fún yín, ẹ ò ní mọ èwo nínú èwo.

Ṣùgbọ́n ìdógba ohùn nìkan kọ́. Ẹ bi ara yín pé kí ló dé tí ọmọdé kò fi lè ní àkísà bí àgbà. Nítorí pé àkísà ń fẹ́ ọdún ni. Èèyàn á ra aṣọ, á wọ̀ ọ́ gbó, á tún ra òmíràn, àwọn tó gbó á máa pọ̀ sí i. Owó lè ra aṣọ tuntun fún ọmọdé lónìí, kò lè ra ogún ọdún tí aṣọ fi ń gbó. Bí gbèsè náà ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ọdún ló ń kó gbèsè jọ sí èèyàn lọ́rùn, kò sì sí ẹni tó ń tajà láwìn fún ọmọ ọdún mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ tuntun náà wọ inú bàtà ọ̀rọ̀ àtijọ́, ó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Gbólóhùn náà ṣì jẹ́ òótọ́, ó ṣì bá ọmọdé àti àgbà sọ̀rọ̀, kò sì kúrò nínú ọ̀rọ̀ aṣọ, nítorí kò sí ibi tí gbèsè ti ń yára bá àgbà wọlé bí ibi aṣọ ẹbí. Ohun kan ṣoṣo ló yí padà: ohun tí òwe fi ń gbé àgbà ga tẹ́lẹ̀ ni a fi rọra tọ́ wọn nínú egungun ìhà báyìí.

Lọ́jọ́ yẹn, mo jókòó síbẹ̀, mò ń fi ọ̀rọ̀ míràn dán ihò yẹn wò nínú ọkàn mi. Mo fi owó sí i: "kò lè ní owó bí àgbà." Ó wọ̀ ọ́ dáadáa, àmọ́ kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, torí ohun tí gbogbo ayé retí pé kí àgbà ní ni owó. Mo fi àìsàn sí i: "kò lè ní àìsàn bí àgbà." Tí a bá ń ka sílébù, àìsàn dọ́gba pẹ̀lú àkísà ju gbèsè lọ, mẹ́ta sí mẹ́ta ni, òun náà sì fi ohùn ìsàlẹ̀ parí. Ọdún ló ń kó òun náà jọ. Síbẹ̀, àwọn bàbá tó wà nídìí ẹ̀rọ yẹn máa ń fọwọ́ ti eékún kí wọ́n tó lè dìde. Ẹni tó bá sọ ọ́ níwájú wọn ti fi òwe ṣe òkò. Ẹ̀rín gbèsè yàtọ̀, torí ẹni tó jẹ gbèsè lè san án lọ́la, òun fúnra rẹ̀ sì lè kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ibi tí ọgbọ́n ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yẹn wà nìyí, bóyá ó mọ̀ tàbí kò mọ̀: nínú ọ̀rọ̀ tó bá ihò náà mu, ó mú èyí tí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà yìí, ká yọ ọ̀rọ̀ kan ká fi òmíràn rọ́pò, ló mọ́ jù lọ. Àmọ́ ọ̀nà míràn wà tí a ó fi pààrọ̀ gbogbo ìdí òwe, tí òwe kò sì ní sọ ìrísí rẹ̀ nù. Àpẹẹrẹ tó dùn mọ́ mi jù ni ti pàṣán. Gbogbo wa la mọ ti àtijọ́: "Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó." Àwọn tó ń yí i máa ń ní: "Pàṣán tí a fi na ìyálé, ìyàwó ti fi dáná."

Ẹ wò ó dáadáa. Nínú òwe àtijọ́, ìyàwó ló kẹ́yìn gbólóhùn, "fún" ló sì ṣáájú rẹ̀: ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ni wọ́n fẹ́ ṣe fún un, òun kò ṣe nǹkan kan. Pàṣán náà kò ṣe nǹkan kan, ó kàn wà. Nínú èyí tí wọ́n yí, ìyàwó kan náà ló wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò yí padà, ipò rẹ̀ ló yí. Ó kúrò lẹ́yìn, ó bọ́ síwájú, ó di ẹni tó ń ṣe nǹkan. Sílébù 8 di 7. Orí òwe wà bó ṣe wà.

Iná yẹn náà kì í ṣe iná àjèjì. Ẹni tó bá dé ilé ìdáná àtijọ́ rí yóò mọ̀ pé orí ààrò tààrà ni àjà máa ń wà, níbi tí èéfín ti ń gbẹ ohun tí wọ́n bá fi síbẹ̀. Pàṣán tó ti wà lájà láti ìgbà ìyálé á ti gbẹ kanrangandan. Igi ìdáná gidi ni. Obìnrin tó jí ní àárọ̀ tó ń wá ohun tó máa fi tanná, kí ló tún ń wá? Kò sí ẹni tó mẹ́nu ba àjà nínú òwe tuntun yìí, ṣùgbọ́n òwe àtijọ́ ti gbé e sí wa lọ́kàn, a sì ń rí pàṣán náà lókè iná bí ọwọ́ ṣe ń nà sí i. Òwe ló fún un ní igi, òwe ló fún un ní ààrò, òun kàn ṣáná sí i ni.

Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ìdí tí àwọn èèyàn ń fi sí pàṣán yìí. Ẹnì kan ní "ó ti kán". Ó kúrú, ó wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ṣe nǹkan kan níbẹ̀, pàṣán kán fúnra rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ kò sì kọjá ètè. Ẹlòmíràn ní "ìyàwó ti lọ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín díẹ̀, àmọ́ nǹkan kan ń dà wọ́n láàmú, mo sì mọ ohun tó jẹ́. Pàṣán la fi bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Ohun tí a bá fi síwájú gbólóhùn lọ́nà yẹn, etí á máa retí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ìyàwó lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, pàṣán ńkọ́? Ó ṣì wà lájà. Gbólóhùn náà ti gbàgbé ẹni tó pè síbi àsè.

Ọ̀nà kẹta ló rọrùn jù, mi ò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Òun ni ká di ẹni tí kò mọ̀ pé òwe ni, ká mú ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí lóréfèé. "Bí a bá sọ òkò sí ọjà, ará ilé ẹni ní í bà" di "Bí a bá sọ òkò sí ọjà, ọlọ́pàá á gbé wa." "Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ" di "á jẹrà". Ẹ̀rín wà níbẹ̀ lóòótọ́, torí òkò gidi ni òkò, ewé gidi sì ni ewé. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò, ẹni tó bá sì ti gbọ́ mẹ́ta á ti mọ èyí tó ń bọ̀. Tí olùgbọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í retí òréfèé, ọkàn rẹ̀ kò ní sáré lọ síbi òwe àtijọ́ mọ́, iṣẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Èyí tó ṣòro jù, tí mo sì fẹ́ràn, ni ká fi orí òwe kan lé ìdí òwe míràn. Ó ṣòro torí pé ẹ ò ní ààyè láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ kankan. Ohun tó wà nílẹ̀ ni ẹ máa lò, ó sì gbọ́dọ̀ bára mu. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò mi tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú ojú tó pọ́n bí epo. Ọmọ náà kò jẹ́ kó sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìyá wa ní kó gbé ọmọ wá, kó lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀, ó ní ibo lòun fẹ́ fẹ̀yìn lé, gbogbo ẹní ló ti rin gbingbin. Ìyá wa wo ọmọ náà lójú, wọ́n ní: "Ọmọ tó ní ìyá òun ò ní sùn, á tẹ ilẹ̀ tútù."

Ẹ rántí pé "òun náà ò ní fojú kan oorun" ló yẹ kó tẹ̀lé orí yẹn. "Á tẹ ilẹ̀ tútù" jẹ́ ti ẹni tó bá da omi síwájú. Nínú òwe tirẹ̀, ilẹ̀ tútù jẹ́ ohun rere, èrè ẹni tó ti ṣe rere sílẹ̀ ni. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, ìtọ̀ ni. Ẹni tó sì mọ òwe kejì dáadáa tún máa gbọ́ ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ jáde: ọmọ náà ti da omi síwájú lóòótọ́. Òwe méjì dúró, kò sí èyí tí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kan lára rẹ̀, àárín wọn ni ẹ̀rín wà. Àbúrò mi tó ń fi ìbínú sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó sì lọ ká ẹní náà síta.

Nǹkan kan tún wà tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ìrísí rárá. Níbi ìpàdé ẹbí kan, ọ̀rọ̀ ilé bàbá àgbà ló wà nílẹ̀, àwọn tó ń gba owó ilé kò jíhìn, ohùn sì ti ń ròkè. Àgbà tó yẹ kó bá wọn dá sí i kò tíì dé. Ẹnì kan ní kí wọ́n ní sùúrù, ó bẹ̀rẹ̀: "Àgbà kì í wà lọ́jà…" Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn sì dá a lóhùn kíá: "…ilé ni wọ́n ń sùn sí." Bàbá tí wọ́n ń retí ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Tó bá jẹ́ ti ọgbọ́n, ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ní "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́", "kì í" kò parí síbi ọjà, "kí" ló gbé e lọ síwájú. Ohun tí òwe sọ pé kì í ṣẹlẹ̀ ni pé kí àgbà wà níbẹ̀ kí orí ọmọ sì wọ́. Tí ẹ bá gé e síbi ọjà, "kì í" á yí sẹ́yìn mú àgbà fúnra rẹ̀, gbólóhùn á di pé àgbà kò wá sọ́jà rárá. Ìsinmi tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti òwe, ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ló dá a síbẹ̀ pẹ̀lú ọgbọ́n. Àmọ́ kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n fẹ́ fi òwe yẹn ṣe, ìjà ni wọ́n fẹ́ fi parí, ẹni tí òwe ń pè sì ti pẹ́ dé lóòótọ́. Ẹ̀fẹ̀ náà di ẹ̀sùn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì, a sì lo bíi wákàtí kan lórí ẹjọ́ tirẹ̀ kí a tó padà sórí ọ̀rọ̀ ilé. Nígbà tí òwe bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ jẹ́ kó ṣe tán kí ẹ tó bá a ṣeré. Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, òwe bàbá kò ní iṣẹ́ kankan, ìdùnnú ló sọ ọ́.

Ó ku ohun kan tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú: báwo la ṣe lè mọ èyí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yí yàtọ̀ sí èyí tí ẹnu kàn ṣì sọ? Kì í ṣe gbogbo òwe tó bá dún yàtọ̀ sí tiyín ni wọ́n yí. Àwọn kan ń sọ pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé kò lè rí i lórí ìdúró. Àwọn míràn ní bó gun orí igi. Òwe kan náà ni, ẹ̀dà rẹ̀ ló pọ̀, ìtumọ̀ kò sì yẹsẹ̀. Tí ìtumọ̀ bá ti dojú délẹ̀, ẹ wo ẹnu ẹni tó sọ ọ́, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí wọ́n fi dá a lóhùn. Ọmọdé tó bá pa òwe gidi níwájú àgbà á ní "tótó, ó ṣe bí òwe o", wọ́n á sì dá a lóhùn pé "wàá rí òmíràn pa". Ẹni tó yí òwe kì í ṣe tótó, wọn kì í sì í fún un ní òmíràn. "O ń dáṣà" ni wọ́n ń sọ fún un. Ẹni tó ṣì í sọ á retí ìdáhùn tàbí ìyìn bí ẹni tó pa òwe gidi, ẹ̀rín àwọn èèyàn á sì yà á lẹ́nu.

Ọ̀nà míràn tún wà. Ẹ ní kó parí ti àtijọ́ fún yín. Ẹni tó yí i á sọ ọ́ kíá, ó tilẹ̀ ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adérẹ̀mí Rájí-Oyèládé ní Yunifásítì Ìbàdàn ti ń kọ̀wé lórí irú àwọn òwe yìí láti ọdún 1999, ó sọ wọ́n lórúkọ tó túmọ̀ sí òwe tó tẹ̀yìn òwe dé, ó sì fi hàn pé àwọn kan ń sọ wọ́n pẹ̀lú ìmọ̀, àwọn míràn sì ń sọ wọ́n nítorí pé ti àtijọ́ kò dé etí wọn rí. Ìkejì yìí máa ń dùn mí. Ọmọ tó bá mọ pàṣán tí ìyàwó fi dáná, tí kò mọ èyí tó wà lájà, kò ní mọ ohun tó ń jó. Á rẹ́rìn-ín nítorí pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, tí mo bá sọ irú ẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé wa, mo máa ń kọ́kọ́ wá ọ̀nà tí ti àtijọ́ á fi wọ etí wọn ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, nínú ọ̀rọ̀ gidi, níbi tí òwe ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò lè sọ ọ́ fún wọn lójú ẹsẹ̀ kí n tó yí i, torí ẹ̀fẹ̀ tí a bá ṣàlàyé rẹ̀ ṣáájú ti tutù kó tó délẹ̀.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù yẹn ní bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo gbé ṣòkòtò kan lọ fún títúnṣe. Obìnrin ọjọ́sí tún dé, òun àti ọmọ rẹ̀, ó gbé aṣọ míràn dání, aṣọ ẹbí míràn. Ó tú u sórí tábìlì, ó ń sọ bó ṣe fẹ́ kí wọ́n rán apá rẹ̀, ó ní ti ọmọ náà gbọ́dọ̀ bá tòun mu. Kò mẹ́nu ba owó tó kù. Bàbá télọ̀ fi okùn ìwọ̀n wọn ọmọ náà ní èjìká, wọ́n wọ̀n ọ́n ní gígùn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n wá bọ́ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ń nù ún, wọn ò wo ẹnikẹ́ni lójú.

"Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà," ni wọ́n wí, wọ́n sì dákẹ́.

Obìnrin náà ṣí báàgì rẹ̀.